Kí ni wọ́n ń wá nínú èéfín ọkọ̀ yín, ṣé kàtálítíìkì ló sì kú lóòótọ́?

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Ọkọ̀ mi, bẹntiróòlù 1.6 ti ọdún 2007, kùnà MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ni CO 1.43, HC 187, Lambda 0.95. Mẹkáníìkì ní kàtálítíìkì ló kú, kí n mú 480 pọ́ùn wá. Ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbọ́n mi, ti ọdún 2010, náà kùnà, ṣùgbọ́n èéfín dúdú nìkan ni wọ́n wọ̀n nínú tiẹ̀. Kí ni wọ́n ń wá gan-an, ṣé kí n sì san owó yìí?"

Ẹ má tíì san owó yẹn. Nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ yín kò sọ pé kàtálítíìkì, ohun tó ń fọ èéfín nínú páìpù ọkọ̀, ti kú. Ohun tó ń sọ ni pé epo tó ń wọ inú ẹ́ńjìnnì yín pọ̀ ju afẹ́fẹ́ tó yẹ kó bá a jó lọ. Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, oògùn wọn kò sì jọra. Lambda 0.95 yẹn, tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fojú fò, òun ló tú àṣírí. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìdí rẹ̀, kí ẹ̀yin fúnra yín lè ka ìwé náà kí ẹnikẹ́ni tó tún dá owó lé yín.

Ẹ rántí sítóòfù kẹrosíìnì ilé wa. Tí òwú rẹ̀ bá wà ní ìwọ̀n, iná rẹ̀ á rí búlúù, ìdí ìkòkò kò sì ní dú. Tí ẹ bá fa òwú sókè jù, epo á máa gòkè ju afẹ́fẹ́ lọ, iná á pọ́n, èéfín á bo ilé ìdáná, èédú á lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Tí ẹ bá wá pa á, ní ìṣẹ́jú díẹ̀ tí iná ti kú ṣùgbọ́n tí òwú ṣì gbóná, èéfín funfun kan á máa rú, òórùn epo á sì gba gbogbo ilé. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì. Epo tó jó tán pátápátá máa ń di kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì àti omi. Èyí tí kò jó rárá, bíi ti òwú gbígbóná yẹn, ni haidirokábọ́ọ̀nù, tí ẹ̀rọ ń kọ ní HC. Èyí tó jó dé àárín ọ̀nà, tí ọ́ksíjìn tán kó tó jó parí, ni kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì, CO. Èédú tó dú ìdí ìkòkò ni wọ́n ń wọ̀n nínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n yín.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ohun tó ń ṣe fún ara. CO ni ẹ ti gbọ́ nípa rẹ̀ jù nílé, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: òun ló ń pa ìdílé tí jẹnẹrétọ̀ wọn ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lóru. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì máa ń dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ níbi tí ọ́ksíjìn yẹ kó jókòó, ní ọ̀nà tó le ju ti ọ́ksíjìn lọ ní ìlọ́po 200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. HC ní àwọn èròjà bíi bẹ́ńsíìnì nínú, tó lè fa jẹjẹrẹ. Tí oòrùn bá pa á pọ̀ mọ́ gáàsì náítírójìn ọ́ksáìdì tó ń jáde lára ọkọ̀, wọ́n á di ósóònù ìsàlẹ̀, èyí tó ń há àwọn tó ní ikọ́ fée láyà. Èédú dísẹ́ẹ̀lì sì kéré débi pé ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà. Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí wọn kò wọn gáàsì náítírójìn yẹn fúnra rẹ̀ ní MOT. Ìdí ni pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fa ẹrù, tí inú rẹ̀ gbóná gan-an, ni ó máa ń pọ̀. Ọkọ̀ tó dúró sójú kan tí wọ́n kàn ń tẹ iná fún kì í ṣe é púpọ̀, kí wọ́n tó lè rí i dáadáa, àfi kí wọ́n gbé ọkọ̀ sórí ẹ̀rọ tí táyà á máa yí lórí rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí gáréèjì kékeré lè wọ̀n ní ìṣẹ́jú mélòó kan ni wọ́n mú.

Fún bẹntiróòlù, wọ́n á ti ọ̀pá bọ ẹnu sálẹ́ńsà, ẹ̀rọ á sì fa gáàsì náà gba iwájú iná ínfúrárẹ́ẹ̀dì kọjá. Nínú CO, HC àti kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìtànṣán tirẹ̀ tó máa ń gbé mì; bí èyí tó sọnù bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ̀rọ fi ń mọ iye rẹ̀. Fún ọkọ̀ bíi tiyín, tí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́yìn ọdún 2002, àfi tí àwọn tó ṣe é bá fún un ní òdiwọ̀n tirẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí láàárín 2,500 sí 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Níbẹ̀, CO kò gbọdọ̀ ju 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, HC kò gbọdọ̀ ju 200 nínú mílíọ̀nù kan, Lambda sì gbọ́dọ̀ wà láàárín 0.97 sí 1.03. Lẹ́yìn náà wọ́n á jẹ́ kó sinmi, kí wọ́n wo CO lẹ́ẹ̀kan sí i, kò gbọdọ̀ ju 0.3. Ẹ wo tiyín báyìí: HC yọ bọ́rọ́, CO fi ìlọ́po méje kọjá ààlà, Lambda sì bọ́ sísàlẹ̀.

Kí wá ni Lambda? Kílò bẹntiróòlù kan nílò afẹ́fẹ́ tó tó kílò 14.7 kó tó lè jó tán láìṣẹ́kù. Tí ó bá rí gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, Lambda jẹ́ 1. Tí afẹ́fẹ́ bá dín, yóò bọ́ sísàlẹ̀ 1. Tí ó bá lé, yóò gòkè. Ẹ̀rọ MOT kò wo inú ẹ́ńjìnnì láti mọ̀ ọ́n o. Ó ń ṣírò rẹ̀ ni láti ara gbogbo gáàsì tó jáde, pẹ̀lú ọ́ksíjìn tó ṣẹ́kù. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀: kàtálítíìkì kò lè yí Lambda padà. Kì í bu afẹ́fẹ́ kún un, kì í sì í yọ epo kúrò. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mú CO àti HC tó bá a ní ojú ọ̀nà, kó pa wọ́n pọ̀ mọ́ ọ́ksíjìn tó ṣẹ́kù, kí wọ́n jó parí. Tí kàtálítíìkì bá kú nínú ọkọ̀ tí epo àti afẹ́fẹ́ rẹ̀ dọ́gba, ẹ ó rí Lambda ní 1.00 tàbí nítòsí rẹ̀, ẹ ó wá rí CO àti ọ́ksíjìn tí wọ́n jọ jáde, bí ọkùnrin àti obìnrin tí kò sí alárinà tó máa mú wọn mọra. Ṣùgbọ́n ní 0.95, ọ́ksíjìn tí kàtálítíìkì máa lò gan-an ni kò tó. Ẹ lè ra tuntun láti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀, ẹ so ó mọ́ ọn, CO kò ní wálẹ̀ dé 0.2. 480 pọ́ùn yín á ti lọ, ọkọ̀ á sì tún kùnà.

Mo ti rí i kó ṣẹlẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, mú ọkọ̀ rẹ̀ wá bá mi ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Gáréèjì kan ti pààrọ̀ kàtálítíìkì fún un ní oṣù tó ṣáájú, ó tún padà kùnà: CO 4.2, Lambda 0.87. Òórùn èéfín rẹ̀ ń ta èèyàn lójú kí n tó ti ọ̀pá bọ̀ ọ́. Nígbà tí mo so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà, kóòdù tó wà lórí rẹ̀ ni `P0171`, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé epo kéré jù. Ẹ gbọ́ mi o: sálẹ́ńsà ń sọ pé epo pọ̀ jù, kọ̀ǹpútà ń sọ pé ó kéré jù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń sọnù nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ìdáhùn wà. Kọ̀ǹpútà kò ní ojú, ohun tí sẹ́ńsọ̀ ọ́ksíjìn tó wà níwájú kàtálítíìkì bá sọ fún un ló máa gbà. Sẹ́ńsọ̀ irú ọkọ̀ yẹn, tí ara rẹ̀ bá yá, iná tó ń fi ránṣẹ́ á máa lọ sókè-sódò láàárín fóòtì 0.1 sí 0.9, lẹ́ẹ̀kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan tí ẹ bá tẹ iná díẹ̀. Èyí dúró gbọin sí 0.05. Ìyẹn ni kọ̀ǹpútà ń kà sí "ọ́ksíjìn pọ̀, epo kò tó," tó wá ń bu epo kún un títí ó fi dé ibi tí kò lè bù mọ́. `LTFT`, nọ́ńbà tó ń sọ iye epo tí ó ti fi kún ìwọ̀n àtilẹ̀wá, wà ní +15 nínú ọgọ́rùn-ún.

Mo fọ́n ohun tí a fi ń fọ kàbúrétọ̀ sí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí epo tún pọ̀ sí i, kí n wò ó bóyá sẹ́ńsọ̀ á fò sókè. Kò mira. Mo ti fẹ́ sọ pé sẹ́ńsọ̀ ló kú, kí n tó rántí wo wáyà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń so kàtálítíìkì tuntun tàbí kí wọ́n tó so ó, èmi ò mọ èwo, wáyà náà ti jábọ́ kúrò nínú ìdè rẹ̀, ó fara kan páìpù gbígbóná, rọ́bà rẹ̀ yọ́, irin inú rẹ̀ ń kan ara ọkọ̀. Mo pààrọ̀ bíi ẹsẹ̀ bàtà kan lára wáyà náà, mo dè é jìnnà sí iná, mo pa kóòdù rẹ́, mo wa ọkọ̀ náà fún ìdajì wákàtí. Nígbà tí mo tún wọ̀n ọ́n: CO 0.03, HC 21, Lambda 1.00. Kàtálítíìkì tuntun yẹn kò ní àléébù kankan, bí ó ti rí. Ó ṣeé ṣe kí ti àtijọ́ náà má ní in, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé e sọnù.

Tiyín kò burú tó tirẹ̀, nítorí náà n kò lè jókòó síbí kí n sọ pé wáyà ni. Ohun tí mo lè sọ ni ibi tó yẹ kí wọ́n wò, àti bí wọ́n ṣe máa mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kí mẹkáníìkì so ẹ̀rọ mọ́ ọkọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, kí ó ka `STFT`, àtúnṣe epo ti ojú ẹsẹ̀, àti `LTFT` fún yín. Tí àpapọ̀ wọn bá wà lókè dáadáa, bíi +10 tàbí jù, tí Lambda sálẹ́ńsà sì wà ní 0.95, ẹnìkan ń parọ́ fún kọ̀ǹpútà. Sẹ́ńsọ̀ iwájú tó ti gbó, wáyà rẹ̀, tàbí ihò lára páìpù kí èéfín tó dé sẹ́ńsọ̀ náà, tí afẹ́fẹ́ ìta ń gbà wọlé lẹ́bàá rẹ̀, ni kí wọ́n wò. Irú ihò bẹ́ẹ̀ máa ń dún tíkítíkí ní àárọ̀ tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, èédú dúdú á sì wà ní etí rẹ̀. Tí nọ́ńbà méjèèjì bá wà nísàlẹ̀, bíi -15, kọ̀ǹpútà mọ̀ pé epo pọ̀, ó ń dín in, ó kàn ń lé e lọ ni, kò lè bá a. Nígbà yẹn, epo ń wọlé láti ibi tí kò sí lábẹ́ àṣẹ rẹ̀: ínjẹ́tọ̀ tó ń jò, fáàfù tó ń fa èéfín táǹkì tó ṣí sílẹ̀, tàbí bẹntiróòlù tó ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Èyí tó kẹ́yìn yìí wọ́pọ̀ nílùú bíi Lọ́ńdọ̀nù fún ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò ju ilé sí ṣọ́ọ̀bù lọ, torí ẹ́ńjìnnì kì í gbóná tó láti lé epo kúrò nínú ọ́ìlì. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń run bẹntiróòlù, ọ́ìlì tuntun lẹ́ẹ̀kan péré lè mú CO wálẹ̀, bí ẹ kò bá tún padà sí ìrìn kékeré yẹn.

Kí wọ́n tún wo ohun tí kọ̀ǹpútà ń kà sí ìgbóná omi ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú lórí títì, ó yẹ kó wà nítòsí dígírì 90 ti Sẹ́síọ̀sì. Tó bá wà ní 55, bóyá tẹ́mósítáàtì ti ṣí sílẹ̀ tì, bóyá sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ló ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, kọ̀ǹpútà á máa fún ẹ́ńjìnnì ní epo bí ẹni pé àárọ̀ òtútù ni. Gbogbo àyẹ̀wò yìí kì í gbà ju wákàtí kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Sẹ́ńsọ̀, wáyà àti tẹ́mósítáàtì kì í sì í sábà wọ́n tó iye tí wọ́n dá lé yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ínjẹ́tọ̀ lè mú owó lọ́wọ́. Mo gbọ́dọ̀ fi òtítọ́ kan kún un: tí ọkọ̀ yín bá ti ń jẹ epo báyìí fún oṣù púpọ̀, ó lè jẹ́ pé kàtálítíìkì náà ti fara pa. Kò sí ẹni tó lè mọ̀ títí Lambda á fi padà sí 1.00. Tí Lambda bá dára tán, tí kàtálítíìkì gbóná dáadáa, tí CO sì dúró sí bíi 0.5, nígbà yẹn ni kí ẹ ra òmíràn, inú mi á sì dùn sí i pé owó yín kò ṣòfò.

Ká ní HC ló ga, tí CO rẹlẹ̀, ọ̀nà mìíràn ni mi ò bá tọ́ka sí: púlọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì tí kò ta iná, tí epo fi ń jáde láìjó. Ẹ kì í fi irú èyí falẹ̀. Epo tútù yẹn á lọ jó nínú kàtálítíìkì, á sì yọ́ ọ́. Ohun tó ń pa kàtálítíìkì jù nìyẹn, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì, kì í kàn kú fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá pààrọ̀ rẹ̀ láìwá ohun tó pa á, òmíràn ló tún máa rà. Ní ti àwọn oògùn inú ìgò tí wọ́n ń tà kí ẹ dà sínú táǹkì, wọ́n lè fọ ínjẹ́tọ̀ díẹ̀, kò sí èyí tó ń jí kàtálítíìkì tó ti yọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe gbọ́ ti ẹni tó bá ní kí ẹ gé e sọnù bí wọ́n ṣe ń gé e lára tòkúnbọ̀ nílé tà. Ní MOT, ọkọ̀ tí ó bá wá láti ilé iṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, tí wọn kò bá rí i lábẹ́ rẹ̀, ti kùnà kí wọ́n tó wọn nǹkankan.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ti ẹ̀gbọ́n yín. Dísẹ́ẹ̀lì kì í ní ìṣòro CO bíi ti bẹntiróòlù, torí afẹ́fẹ́ máa ń lé nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ìwọ̀n epo nìkan ló ń fi ṣe agbára, kì í dí afẹ́fẹ́ lọ́nà. Ṣùgbọ́n epo rẹ̀ máa ń wọlé bí ẹ̀kán kéékèèké sínú afẹ́fẹ́ gbígbóná, àárín ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan kì í sì rí ọ́ksíjìn lákòókò, ibẹ̀ ló ti ń di èédú. Tí wọ́n bá wọn CO àti HC rẹ̀ ní ìdúró, ọkọ̀ tó ń tú èéfín dúdú bíi tírélà Apápá lè yege. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tan iná gba àárín èéfín rẹ̀ kọjá, kí wọ́n wo iye tó dé òdìkejì. Wọ́n á tẹ iná mọ́lẹ̀ pátápátá lẹ́ẹ̀mélòó kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, wọ́n á sì mú ìpíndọ́gba. Fún ọkọ̀ tó jáde láti Keje ọdún 2008, ààlà rẹ̀ jẹ́ 1.5, àfi tí nọ́ńbà mìíràn bá wà lórí àwo ara ọkọ̀ náà. Láti ọdún 2014, ó di 0.7. Torí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yìí le, kí ẹ̀gbọ́n yín rí i dájú pé bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì kò tíì kọjá ọjọ́ pípààrọ̀ rẹ̀. Tó bá já níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì tán.

Èédú tó pọ̀ túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ kò dé tó tàbí epo kò wọlé bó ṣe yẹ. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn jù: fílítà afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà rọ́bà tó gbé afẹ́fẹ́ láti tọ́bò wá. Tí rọ́bà náà bá ya, ọkọ̀ á máa fẹ́ bí ejò tí ẹ bá tẹ iná, agbára rẹ̀ á dínkù, ọ́ìlì díẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ibi tó ya. Lẹ́yìn ìyẹn ni fáàfù tó ń dá èéfín díẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì, tó lè ti há ní ṣíṣí, kí n tó wá dé ínjẹ́tọ̀. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ọkọ̀ ọdún 2010, ó ṣeé ṣe kó ní àsẹ́ èédú nínú sálẹ́ńsà. Kí ó fi ìka nu inú ẹnu sálẹ́ńsà. Ọkọ̀ tí àsẹ́ rẹ̀ pé, inú páìpù rẹ̀ kì í dú. Tó bá dú bí ìdí ìkòkò, àsẹ́ náà ti sán tàbí ẹnìkan ti tú inú rẹ̀ dànù kí ẹ̀gbọ́n yín tó ra ọkọ̀. Èyí kejì máa ń kùnà MOT láìka nọ́ńbà sí, owó àtúnṣe rẹ̀ kò sì kéré.

Ẹ̀rọ iná yẹn fúnra rẹ̀ ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àsẹ́ tó sán díẹ̀ lè máa tú èédú kéékèèké jáde ní ìlọ́po púpọ̀ ju bó ṣe yẹ, kí iná má sì rí i. Nítorí èyí ni Bẹ́ljíọ̀mù ní ọdún 2022, Netherlands àti Jámánì ní ọdún 2023, fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka èédú náà lọ́kọ̀ọ̀kan dípò kí wọ́n wo òkùnkùn rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń padà lọ, kí ẹ̀yin méjèèjì wa ọkọ̀ yín lórí ọ̀nà tó já gaara fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó dé ibẹ̀, ní jíà tí ẹ́ńjìnnì á fi yí nítòsí 3,000. Èédú tó ti lẹ̀ mọ́ páìpù dísẹ́ẹ̀lì á jábọ́ sójú ọ̀nà dípò kó jábọ́ sínú ẹ̀rọ wọn. Kàtálítíìkì tiyín kì í sì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí ó fi gbóná tó nǹkan bí dígírì 300. Tí wọ́n bá ní kí ẹ dúró de ẹni tó wà níwájú, ẹ bá wọn sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kí ẹ má pa ẹ́ńjìnnì.